Ọwọ́ Télọ̀ àti Ìlà Kejì

Anti Jẹ́ẹ́jẹ́ la máa ń pe olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, kò sì pa ibiṣẹ́ jẹ. Bọ́tìnì kan já lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìsìnkú. Ó fi pínnì há ibẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ara mi ti kú," ló sọ fún mi, bí ẹni ń sọ pé omi ti tán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi nọ́ọ̀sì abẹ́ rẹ̀, inú mi kì í pẹ́ bí ní tèmi.

Wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le lọ́wọ́ ni tiwa. Bí ti ẹnì kan bá kọjá agbára wa, a ó dì í mú, a ó sì fi bẹ́líìtì de tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí a ń dè jù ni ọkùnrin aránṣọ kan tí gbogbo wa ń pè ní Télọ̀. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dókítà eegun ní bẹ́líìtì ló ń tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí a ò bá jáwọ́, iṣẹ́ ìránṣọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Anti pe ìpàdé. "Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ká ti dín dídè kù sí ìdajì."

"Tí mo bá fi ọwọ́ lásán di èèyàn mú ńkọ́?" mo bi í.

"Ìyẹn náà wà lára dídè. Ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kùn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. A kọ́kọ́ ka ti àtẹ̀yìnwá, ká lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀. A fi iye ìgbà tí a deni wé iye aláìsàn tó sùn sí wọ́ọ̀dù, kí ọ̀sẹ̀ tí èrò pọ̀ má bàa tàn wá jẹ. Ó hàn pé ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, ni ọ̀rọ̀ máa ń di bó-ò-lọ-o-yà-fún-mi. Gbogbo wa á ti kó sínú ọ́fíìsì. Télọ̀ á máa lu gíláàsì fèrèsé pé òun fẹ́ fi fóònù pe ọmọ òun, kò ní sẹ́ni tó máa dá a lóhùn, títí á fi yarí tí a ó sì dè é. Àwa gan-an la ń fọwọ́ ara wa fa wàhálà.

Anti ní ká dán an wò nírọ̀lẹ́ kan péré: kí nọ́ọ̀sì kan dúró síta pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Kò sí ariwo. A tún un ṣe, a tún ibi tó kù sí ṣe, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sì yá wa ní nọ́ọ̀sì kan sí i. A wá ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé kí ló máa ń tù ú lára. Télọ̀ ní ohùn ọmọ òun ni. A ń fún un ní fóònù kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Anti ń fi àmì kan tó fi iye dídè hàn sórí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tó sì ń fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ìlà náà ń lọ sílẹ̀. Mo jó. Anti ń wo ọwọ́ Télọ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tẹ́lẹ̀ lọ," ló wí.

Ó lọ ka abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú wọn sùn. Láti ìgbà tí bẹ́líìtì ti ń dínkù ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún ti ń pọ̀ sí i. Àwa náà kúkú ni. A fi oògùn de ọkùnrin náà. Anti fa ìlà kejì, ti abẹ́rẹ́, sábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Dókítà wa bẹ̀ ẹ́. "Anti, ẹ jọ̀ọ́, ìlà kan náà ti tó. Bí ọ̀gá bá rí èkejì, wọ́n á ní òfo ni, wọ́n á sì gba nọ́ọ̀sì wọn padà."

"Kí wọ́n gbà á."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀gá rí ìlà méjèèjì, ó sì gba nọ́ọ̀sì rẹ̀ lóòótọ́. Inú bí mi débi pé n ò jẹun. Anti fúnra rẹ̀ dí àlàfo náà. Bí iṣẹ́ tirẹ̀ bá parí nírọ̀lẹ́, òun ló ń dúró síta, láìgba kọ́bọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń retí òun nílé. Dókítà náà dín oògùn Télọ̀ kù, a sì pinnu pé a ó kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ká tó fa abẹ́rẹ́ yọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà méjèèjì wálẹ̀. Kí oṣù kẹfà tó parí, àmì ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tò tẹ̀lé ara wọn nísàlẹ̀ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ti bẹ́líìtì sì ti dín ju ìdajì lọ. Ìyẹn kì í ṣe èèṣì mọ́.

Lọ́jọ́ tí Télọ̀ máa lọlé, ó ní kí Anti mú bọ́tìnì tó já yẹn wá. Nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́, níṣojú àwa méjèèjì, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì, òwú wá wọlé. Omi bọ́ lójú mi.

Ó rán bọ́tìnì náà mọ́ aṣọ Anti láyà, ó sì gé òwú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Anti? Kí ló máa ń tu ẹ̀yin lára?"

Anti ronú sí i bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè iṣẹ́.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú," ló dá a lóhùn, ó sì lọ dúró síta, torí ilẹ̀ ti ń ṣú.