Ọ̀rá Ètè Ìyá Lìádì

"Ẹ má bínú, Ìyá Lìádì. Ṣé ọ̀rá yín yìí ń wo ètè sàn ni, àbí òun gan-an ló ń sọ wá di ẹni tí kò lè ṣe láìfi í ra ètè?"

Títíladé ló béèrè, ọmọ ilé ìwé ìjọ tí kì í sábà gbójú sókè níwájú àgbà. Bó ti bi í tán ló wolẹ̀, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀. Mùjíbátù, tí gbogbo ọjà Akínyẹlé ń pè ní Ìyá Lìádì, ṣí agolo ọ̀rá rẹ̀. Ó ti ìka bọ agolo, ó fi ọ̀rá ra ètè tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Máa lọ sí ilé ìwé rẹ, ọmọ yìí."

Òrí ni ìyá Mùjíbátù tà títí ó fi kú, òrí ni òun náà ń tà. Ọdún kejì tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ló rí ọ̀rá òyìnbó rà. Ọ̀rá náà ń dán, kò ní òórùn, kò ní adùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ohun ìpara tí kò rùn dáadáa? Ó gún kànáfùrù kúnná, ó pò ó mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe sí òrí ìyàwó tuntun. Bó bá kan ètè, á ta díẹ̀. "Iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn," ni yóò wí fún oníbàárà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ètè wọn ń là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìbídùnní tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà pè é jáde.

"Oògùn ìtajà lo fi sí i! Ètè wa ti di ẹrú rẹ."

"Mo fi Ọlọ́run búra, n kò fi oògùn kankan sí i."

"Wò ó, ètè tìrẹ gan-an rí bí ẹ̀yìn ọ̀nì!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùnní ní ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́la: kí Mùjíbátù máa fi ọ̀rá rẹ̀ ra ètè títí di ọjọ́ ìtúnu. Bí ètè náà bá jinná, ó bọ́. Bí kò bá jinná, kí ó gbé igbá rẹ̀ kúrò lọ́jà náà, kí ó má sì padà mọ́. Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ sì ni ìsọ̀ náà.

Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù mìíràn tún kún un: bí adùn kànáfùrù bá wọ ẹnu rẹ̀ lọ́sàn-án ńkọ́, ṣé ààwẹ̀ kò ní bàjẹ́? Nítorí náà ó bu nínú agolo ọ̀rá tí kò tíì po kànáfùrù mọ́. Ó ń ra á lẹ́yìn sààrì, ó tún ń ra á lẹ́yìn ìṣínu. Kò lá ètè bó ti máa ń ṣe mọ́, nítorí aláàwẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó rántí lójijì pé òun ti gbàgbé láti ra á. Ètè rẹ̀ ti dán bí ti ọmọ jòjòló.

Lọ́jọ́ ìtúnu, Ìbídùnní fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀, ojú Ìbídùnní dàrú. "Ọ̀rá yẹn náà ni?"

"Òun náà ni."

"Ààwẹ̀ ló wò ó," ni ẹnìkan wí.

"Èmi náà gba ààwẹ̀, mo sì ń fi ọ̀rá rẹ̀ ra ètè lójoojúmọ́, ètè mi ńkọ́?" ni ẹlòmíràn dáhùn.

Wọ́n fi í sílẹ̀ sí ìsọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Mùjíbátù pàápàá kò mọ̀. Kò lè yọ̀. Láti ọjọ́ náà kò gún kànáfùrù mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kàn kọ̀ ọ́ ni. Àwọn oníbàárà ní ọ̀rá náà kò rùn dáadáa mọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò padà.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Títíladé ti di ìyá ọmọ nígbà tó gbé ọmọ rẹ̀ tí ọyẹ́ la ètè rẹ̀ wá. Mùjíbátù ti darúgbó. Ó ra ètè ọmọ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má baà nù ún, ó sì wo Títíladé lójú.

"O bi mí léèrè nígbà kan, ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Ọ̀rá kì í wo ètè sàn, ọmọ mi. Bí ìgbà tí a dé ìkòkò ni, kí ọyẹ́ má fa omi ara gbẹ. Ara ló ń wo ara rẹ̀. Kò sì mú ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Kànáfùrù ló ń ta wá, òórùn àti adùn rẹ̀ ló ń pe ahọ́n: a ó lá a, yóò gbẹ, a ó tún ra á. Mo búra pé n kò fi oògùn sí i, òótọ́ ni mo sì pè é. Èmi ni mo ń pè yín padà, n kò kàn mọ̀ ni."