Ọwọ́ Tí Bàbá Mi Fi Ń Kí Sójà

Bàbá mi kì í sá fún sójà. Bí ọkọ̀ wọn bá ń gba Inísà kọjá, tí àwa ọmọ ti kó sí yàrá, bàámi á dìde dúró gbagidi níwájú ilé, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ iwájú orí, á sì máa kí wọn títí eruku á fi wọ̀ ọ́ nímú. Òun náà jagun abẹ́lé. Ó ní ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi ebi sùn lóko, òun ń gbowó oṣù nínú aṣọ ìjọba. Ogun parí, wọ́n fi í ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òkukù. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọ kákí ti di ọmọ ìyá rẹ̀. Bí o bá bá a jiyàn lórí ìjọba, wàá jẹgba.

Ìyá mi ńkọ́? Nígbà tí àwọn ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé kó ti àtijọ́ wá sí báńkì, owó ọjà màámi wà nínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn. Ó tò sórí ìlà ní Ìkìrun. Sójà fi kòbókò tú ìlà yẹn ká, obìnrin kan lóyún, wọ́n nà án tòun ti oyún. Màámi ò dé ojú fèrèsé báńkì títí ọjọ́ fi pé, gbogbo owó yẹn sì di pépà. Ti bàámi ti wà ní báńkì tẹ́lẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì o, ẹ̀kọ́ tí kálukú mú lọ sílé ló yàtọ̀. Bàámi ní ẹ ò rí i pé báńkì ni ibi tó yẹ kí owó máa gbé? Màámi ní òun ò tún ní kó owó pamọ́ mọ́ láyé. Èrè tó bá ti wọlé, abọ́ tánńganran ló fi ń rà. Abọ́ yẹn kún àjà.

Àwa wá ni ọmọ ìgbà Sáàpù, ètò ìjọba ológun tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. A dàgbà sínú kí owó oṣù bàámi máa ra nǹkan tó kéré sí ti oṣù tó kọjá, kí abọ́ màámi sì máa gbówó lórí níbi tó kó wọn jókòó sí. Èmi kàwé gboyè olùkọ́, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí, mo sì ń ta aṣọ ọ̀kirìkà ní Ìkìrun. Àbúrò mi ọkùnrin wo èmi, ó wo bàámi, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Bẹ́líìtì onírin tí bàámi mú bọ̀ láti ojú ogun ló fi lù ú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ bo ètè ọmọ yẹn. Ó wá bi í léèrè pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yẹn pé, "Bàámi, ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi kà, iṣẹ́ wo ló fún un?" Bàámi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lọ́tun.

Ọmọ yẹn mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n bó bá ń jó irin pọ̀. Nígbà tó gba fíríìdọ̀mù, màámi kó abọ́ sọ̀kalẹ̀ láti àjà, ó tà wọ́n, ó ra ẹ̀rọ wẹ́dà fún un. Nínú gbogbo wa, ọwọ́ rẹ̀ yẹn nìkan ló dájú pé ó máa bọ́ ilé.

Ìgbà náà ni àwọn ológun fagi lé ìbò ààrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ jó táyà sójú títì ní Ìkìrun, àbúrò mi wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Sójà dé, wọ́n kó gbogbo wọn, wọ́n dà wọ́n dojú bolẹ̀ lórí títì ọlọ́dà. Obìnrin aládùúgbò wa kan tó ń tajà níbẹ̀ ló sáré wá sọ fún wa ní Inísà.

Màámi ti mú kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ìyókù owó abọ́ wà lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí n mú owó lọ bá wọn. Owó ni àwọn tòde òní mọ̀."

"Sójà kì í gbowó lọ́wọ́ sójà," ni bàámi wí. "Mo máa bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, wọ́n á ti pa á."

Bàámi gbá a létí, màámi ṣubú lu ìlẹ̀kùn. Ó já kọ́kọ́rọ́ gbà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kákí àtijọ́, ó fi àmì ẹ̀yẹ ogun há àyà. Inú bí mi. Mo ṣáà tẹ̀lé e.

Nígbà tí a débẹ̀, bàámi kò wo àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀. Ó rìn tààrà sọ́dọ̀ sójà tó sún mọ́ wa jù, ọmọ tí kò ì tíì hu irùngbọ̀n dáadáa. Ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó dúró gbagidi, ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì ka nọ́ńbà tí wọ́n fún un nígbà ogun. Ó kà á ketekete. Sójà náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Mo gbọ́ bí eyín ṣe ń fọ́. Wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, bàbá mi sì ń fò, àmì ẹ̀yẹ ń jó láyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i.

Àbúrò mi ò lè wò ó. Ó dìde nílẹ̀. Bó ṣe fẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàámi báyìí ni wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n fi bàtà tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ẹnìkan sì ń fi ìdí ìbọn gún ọrùn ọwọ́ náà bí ẹni gún èlùbọ́. Mo kígbe títí ohùn mi fi ha. Wọ́n ṣì ń gún un nígbà tí màámi dé. Ó ti fi ọmọ odó fọ́ àpótí, ó di owó mọ́ etí ìró. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sọkún, ó tú ìró, ó na owó sí wọn. Wọ́n ní ká máa gbé ọmọ wa lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Egungun ọwọ́ yẹn ti rún. Ọwọ́ jinná, kò lè di nǹkan mú mọ́, a sì ta ẹ̀rọ wẹ́dà. Bàámi dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹnu wíwú, ó ń wí fún ẹni tó bá wọlé pé bóyá wọn ò gbọ́ nọ́ńbà òun ni. Àbúrò mi dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Wọ́n gbọ́, bàámi." Láti ìgbà náà, bàámi ò dárúkọ ogun nínú ilé wa mọ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀, èmi àti bàámi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù lọ wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Sójà dá wa dúró lọ́nà. Oníkálukú ń wo iwájú. Kí dẹ́rẹ́bà tó wá owó, bàámi ti yọ tirẹ̀ lápò, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún gba ojú fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ló wí fún ọmọ tí ì bá jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà gba owó, ó ní ká máa lọ. Bàámi fa ọwọ́ wọlé, ó fi sáàárín itan rẹ̀ méjèèjì, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Òkukù.