Ọ̀fun Bàbá Ládànì

Bàbá wa àgbà, Síkírù Adélékè, ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bàbá Ládànì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ní igbákejì kan, Wàhábì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dúró de ọjọ́ tí ohùn Bàbá bá kọṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń dúró. Bàbá ní ohùn Wàhábì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Bàbá tún ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n a kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Nílé wa, àìsàn tí kò bá dáni dùbúlẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Abdulbasit, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé ọ̀fun dídùn ti ilé ìwé bọ̀. Ó fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti ń pariwo bọ́ọ̀lù lójú títì. Ọjọ́rú yẹn gan-an ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá.

Ìyá wa àgbà, Ràmọ́tà, wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Èyí tó ṣe Abdulbasit náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré, Bàbá Mùínátù."

Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹnìkan, pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin tó ń lo oògùn ṣúgà sì ni ẹnì kejì.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀fun Bàbá ti ní ìgbìmọ̀ tó pọ̀ ju ti àtúnṣe ọ̀nà àdúgbò wa lọ. Wọ́n gbé orógbó wá, wọ́n gbé súìtì wá, wọ́n gbé oyin wá, ìgò mẹ́ta. Bàbá gba gbogbo rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Oògùn ṣúgà nìkan ló pa tì, nítorí ó ń ha á lọ́fun. Oyin ní tirẹ̀ ń yọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí èbà kò gba ọ̀nà mọ́, gàrí Ìjẹ̀bú ló ń mu, ó sì ń da oyin lé e.

Láràárọ̀ ni ìyá àgbà ń fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ara ò gbóná," yóò wí, bíi dókítà tó fọwọ́ síwèé.

Mo rọra sọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Nítorí ọ̀fun? Kí Wàhábì wá gbọ́?"

Ní Sátidé, nígbà tí ìrun Alásárì tó, aṣọ ìnujú ló fi ń nu itọ́ lẹ́nu. Wàhábì bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ jẹ́ n pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"O ò tíì dàgbà tó."

Ọmọ Wàhábì méjì ti wà ní girama.

Bàbá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe ìrun. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná kún lẹ́nu. Àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wàhábì pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lu wáyà.

Nọ́ọ̀sì Fáṣadé ń fọṣọ ní òdìkejì títì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Ògún ni wọ́n sì ń bọ nílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó sáré wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ìfóófòó ọṣẹ lọ́wọ́. Ẹni tí kì í kírun ló kọ́kọ́ jẹ́ ìpè.

"Bàbá, ẹ ya ẹnu yín." Ẹnu kò ṣí ju ìka kan lọ.

"Ẹ gbé itọ́ mì." Bàbá gbé aṣọ ìnujú sókè.

"Ọjọ́ mélòó rèé?"

"Mẹ́rin."

"Ṣé wọ́n ní àtọ̀gbẹ?"

Èmi ni mo wí pé, "Wọ́n ní i, mà. Oyin ni wọ́n sì ń mu."

"Háà! Ẹ pe kẹ̀kẹ́!"

Ní ọsibítù, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lé ní irinwó, ó ti kọjá ààlà jìnnà. Ọyún ti gbá jọ sí apá ọ̀tún ọ̀fun. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á, wọ́n fa omi àti oògùn sí i lára, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀.

Dókítà bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀: "Ìyá, ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ a máa sọ àwọn ọmọ ogun ara di ọ̀lẹ. Àìsàn náà tún ń lé ṣúgà sókè. Ara àgbà sì lè má gbóná rárá. Ọmọdé lè dúró wo ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ara rẹ̀ kò lágbára àti bá àrùn jà, kí ó tètè wá. Bí wíwú yìí bá dé ọ̀nà èémí ńkọ́?"

Ìyá àgbà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Bàbá lò níbẹ̀. Ọgbọ̀n ìgbà ni Wàhábì pe ìrun, àwọn èèyàn sì ń wá kírun síbẹ̀síbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀fun tún ń ha Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò dúró de ìgbìmọ̀. Ó lo oògùn ṣúgà rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé Wàhábì lọ́wọ́, ó mú káàdì ọsibítù, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fáṣadé kí ó sìn ín lọ. Bí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ni Wàhábì bẹ̀rẹ̀ ìpè ìrun Àìlá.

Bàbá dijú, ó di orí mú.

"Ṣé ó ń dùn yín púpọ̀ ni, Bàbá?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ọ̀fun? Díẹ̀ ni. Etí ló ń dùn mí."