Èèrà Tó Fẹ́ Já Ọmọ Wa Lẹ́nu Ọmú

Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa kí n tó rí ọmọ gbé jó, nítorí náà kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ọmọ títọ́. Mo ti wo tẹlòmíràn láti ọ̀ọ́kán.

Ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fi ìwà hàn wá. Nílé wa ní Ṣakí, bí mo bá ti toko dé, tí mo ń sọ ọkọ́ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀. Á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, á di ẹ̀ṣẹ́, ojú á pọ́n, á sì ké fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ládàánì mọ́ṣáláṣí ìtòsí dá mi dúró lọ́jọ́ kan.

"Bàbá ọmọ, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá mi tó wà nílé yín. Bó bá ti pe tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń gbé e.

Àwọn aládùúgbò ò kúkú fi wá sílẹ̀. Ẹnì kan gbé àgbo wá, ẹnì kan ní bàbá mi ló padà wá láti bá mi wí. Ìyá mi, tó ń wẹ ọmọ fún wa, tó ti bí mẹ́jọ, ń wò wọ́n lásán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí ìyàwó mi fún omi ọmú díẹ̀ sínú àwo. Ìyá lọ sídìí ògiri, wọ́n mú èèrà kan wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó lọ pe ẹlẹ́rìí, wọ́n jù ú sí i. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Èèrà náà yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

"Ẹ ti rí i," ni Ìyá wí. "Ọmú ìyàwó wa korò. Ohun tó pa èèrà, ṣé inú ọmọ ni kò ní í run? Láti ọ̀la lọ, mílíìkì alágolo ni."

Ìyàwó mi fa ìró bo àyà bí ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́. Èmi, olórí ilé, n kò fọhùn. Mo pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀ fún àgbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi ti pọn ọmọ.

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ní kí n já a lẹ́nu ọmú, n ó já a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèrà ni yóò pàṣẹ fún mi."

Mo fi ọ̀kadà gbé wọn lọ. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí ìwọ̀n: ó ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tẹ ikùn rẹ̀ wò. Ó bi wá bí ara rẹ̀ ń gbóná, bí ó ń bì èébì aláwọ̀ ewé, bí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí ó ń kọ ọmú, bí ó ń rọ jọ̀wọ̀lọ̀. A ní rárá.

"Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ sáré gbé e wá. Láìsí ìyẹn, ara ọmọ yín le."

"Ọmú mi ńkọ́, mà?" ni ìyàwó mi bi í.

"Ta ló mú kó wúwo báyìí? Máa fún un lọ. Má fún un ní àgbo, má fún un ní omi."

"Kí ló wá ń pa á lẹ́kún?"

"A ò mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é. Yóò le sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà yóò máa rọlẹ̀. Bó bá fi máa di oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sábà máa ń tán." Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, ta ló ń gbé e nírọ̀lẹ́?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

"Ọwọ́ tiyín ń dùn yín ni?"

Mo wo ọwọ́ mi. Kò dùn mí. Ó ní kí a máa gbà á lọ́wọ́ ara wa. Bí inú bá sì fẹ́ bí ẹni tó gbé e, kí ó fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ síbi tó tẹ́jú tí kò ti lè já bọ́, kí ó jáde lọ mí díẹ̀, kí ó sì padà. "Ẹ má mì í jìgìjìgì láé. Ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbà á."

A délé, Ìyá ti po mílíìkì sílẹ̀.

"Ọmọ mélòó ni nọ́ọ̀sì yẹn bí?" ni wọ́n bi mí.

Mo lọ sídìí ògiri, mo mú èèrà kan, mo jù ú sínú mílíìkì. Ó kú. Mo mú òmíràn, mo jù ú sínú omi tí Ìyá ń mu. Òun náà kú.

"Ìyá, ṣé omi yín náà korò ni?"

Wọ́n fi ìka yọ èèrà méjèèjì dànù.

"Èèrà ayé ìsinsìnyí," ni wọ́n wí, "kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́."

Wọ́n sì mu mílíìkì náà kí ó má bàa ṣòfò. Ìyàwó mi tú ìró àyà rẹ̀, ó fún ọmọ lọ́mú lójú gbogbo wa.

Ẹkún kò dáwọ́ dúró o. Ó le sí i bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ọkọ́ kalẹ̀, tí mo wẹ̀, ìyàwó mi á gbé e fún mi, á lọ sùn. Èmi á gbé e lé èjìká, n ó máa rìn yípo igi ẹ̀mí, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ní ẹ̀yìnkùlé. Nírọ̀lẹ́ kan, mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ mi ti ń fún un mọ́ra jù. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú yàrá, mo jáde lọ dúró. Ìyá bá mi níta. Wọ́n wọlé lọ gbé e.

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́rin tí ìrọ̀lẹ́ kan lọ láìsí ariwo, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé àgbo wá, tí a kò lò, wá gba ọpẹ́. Ìyá gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ọmọ náà ti sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò hàn mọ́.

"Ẹ wò ó," ni wọ́n wí fún alágbo náà. "Ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ló gbé e ró. Mo sọ fún wọn nígbà náà, wọn ò fẹ́ gbọ́."

Ìyàwó mi wò mí. Èmi náà wò ó. A ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.