Bí Umar Ṣe Kọ Ẹní

Tí ẹ bá dé Joju ní Sàǹgó-Ọ̀tà, tí ẹ béèrè Naimat tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá bisikíìtì, kò sí ẹni tí kò ní júwe ilé fún yín. Ìyàwó ọmọ ọmọ mi ni. Níléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ẹ̀rọ ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mí díẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo sọ fún yín, ó tó.

Basit ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya. Tó bá jáde lónìí, òṣùpá tuntun lè lé kó tó wọlé. Nítorí náà, àwa mẹ́ta la sábà máa ń wà nílé: Naimat, Umar ọmọ rẹ̀ tó ń rákòrò, àti èmi Àmúdà, bíríkìlà àtijọ́ tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn ilé akúṣẹ̀ẹ́.

Oorun ọba ni Umar ń sùn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ìyá rẹ̀ á wẹ̀ fún un, á fún un ní ògì, á fún un lọ́mú, á sì tẹ́ ẹ sórí ẹní. Kí ládàánì tó pe Ìṣáì, ó ti lọ. Tírélà mẹ́wàá lè gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá kí wọ́n máa fun fèrè, ojú rẹ̀ kò ní ṣẹ́. Oorun yẹn ni Naimat náà fi ń rí oorun sùn, òun ló sì fi ń bá bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ní ìdájí.

Àfi ìgbà tí eyín dé. Itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ó jẹ fìlà mi. Ó jẹ orí ọ̀pá mi. Ó fẹ́ jẹ etí ewúrẹ́ aládùúgbò, ewúrẹ́ náà ló sá.

"Eyín ni," ni Mọ̀nsúrát wí. Ìyá Àìṣát là ń pè é, ó ń ta ọṣẹ níwájú ilé wa, òun ló sì máa ń bá Naimat di Umar mú tó bá lọ síbi iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ lọ́tẹ̀ yìí. Naimat fọ ọwọ́, ó fi ìka ra èrìgì ọmọ, ó fún un ní aṣọ mímọ́ tó rẹ sómi tútù kó máa gé e jẹ. Kò pẹ́, eyín ìsàlẹ̀ yọ bí hóró ìrẹsì, ọba tún padà sí oorun rẹ̀.

Ìgbà tí a ní ó ti parí, ọ̀fìnkìn dé. Imú dí. Tí Umar bá fa ọmú lẹ́ẹ̀kan, á jù ú sílẹ̀ kó lè mí, á bínú, á ké, á tún fà á.

"Eyín òkè nìyẹn," ni Ìyá Àìṣát wí.

Naimat kò bá a jiyàn. Ó ra omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọdé nílé oògùn, ó ń kán an, ó ń nu imú kó tó fún un lọ́mú. Ọ̀fìnkìn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń lọ ni nǹkan mìíràn gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ara ọmọ gbóná. Ó kọ ògì. Tí a bá sì ti tẹ́ ẹ sórí ẹní, igbe tó ń ké, ẹ ó rò pé orí iná la tẹ́ ẹ sí. Ẹ gbé e pọ̀n, á rọlẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, á máa sunkún kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ títí oorun á fi gbé e. Ẹ tú ọ̀já, igbe dé.

"Ìyá Umar, o ti bà á jẹ́," ni Ìyá Àìṣát wí. "Ẹ̀yìn ti mọ́ ọn lára. Ọkùnrin ni, ó mọ ibi tó dùn."

"Ara rẹ̀ ń gbóná, Ìyá Àìṣát."

"Eyín náà ni."

"Eyín wo? Èyí tó ti hù àbí èyí tí kò tíì hù?"

"Ẹ wo ọmọ yìí! Gbogbo ọmọ tí mo bí ló héyín, ṣé o gbọ́?"

"Èmi náà héyín rí," ni mo wí. "Wọ́n ti bá tiwọn lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Naimat ti ń jókòó ti ògiri sùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Níbi iṣẹ́, ó tòògbé níwájú ẹ̀rọ, irin gbígbóná tó ń lẹ ọ̀rá sì fẹ́ẹ̀ gbé ìka rẹ̀. Ọ̀gá wọn ló fà á lápá. Ó ní, "Madam, go settle your pikin." Ó fún un ní ìsinmi ọdún rẹ̀ kó lọ fi tọ́jú ọmọ, ó sì kìlọ̀ pé Mọ́ńdè tó bá padà, tó bá tún fi ojú oorun dúró nídìí ẹ̀rọ òun, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ṣé ẹ rí i? Oorun Umar ló di iṣẹ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ọmọ wá ń fa etí ọ̀tún. Mo dá àbá pé kí a gbé òróró díẹ̀ kaná kó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, kí a kán an sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni Naimat wí. "A ò mọ ohun tó wà nínú ibẹ̀."

Ó di ọ̀já, ó di ilé ìwòsàn ìjọba. Mo tẹ̀lé e, nítorí ojú mi gbọ́dọ̀ rí ohun tí ẹnu mi máa sọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Abísọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí n di orí ọmọ mú, ó fi ohun èlò kékeré kan tó ní iná wo inú etí.

"Ṣé ó ń sùn tó bá wà lẹ́yìn yín?"

"Ó ń sùn, mà."

"Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Àfi bíi pé mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀gún."

Ó ní etí ló ń dùn ún. Ó ní ihò tóóró kan wà láàárín imú àti etí, ọ̀fìnkìn ló dí i. Omi dúró sẹ́yìn ìlù etí, kòkòrò sì wọ inú omi náà. Tó bá dùbúlẹ̀, ìrora náà á le sí i. Tó bá nàró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, á dẹ̀ díẹ̀.

"Wọ́n ní eyín ni," ni Naimat wí.

"Eyín lè mú kí ọmọ máa kanra, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ti ibà tó le báyìí kì í ṣe eyín."

Dókítà kọ oògùn olómi tó ń pa kòkòrò, pé kí ó lò ó tán bí ara ọmọ tilẹ̀ ti yá, àti oògùn ibà tí wọ́n fi ìwọ̀n ara rẹ̀ díwọ̀n. "Kí ẹ má kán ohunkóhun sí etí o," ni nọ́ọ̀sì wí, èmi ló sì ń wò. Mo fi Ọlọ́run búra, Naimat kò sọ nǹkan kan fún un nípa òróró mi.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ibà sá lọ, Umar gba ògì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ẹní báyìí, igbe àná náà ló ń ké! Kí lèyí? Ṣé etí kò tíì san ni? Ṣé ó ti san tán? Eyín ńkọ́? Naimat tún gbé e pọ̀n, nítorí ìyá wo ló máa tẹ́ ọmọ tí etí ń dùn sílẹ̀? Èmi náà ń gbà á pọ̀n. Mo fi ìró Naimat gbé e, mo sì fi ọ̀já dì í gírígírí.

"Bàbá Àmúdà, ẹ kú ewu ọmọ!" ni Ìyá Àìṣát pariwo láti ìdí ọṣẹ rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ bí i?"

"Láti ìjọ́sí. Ọbẹ̀ aláta tí wọ́n ń se fún abiyamọ ni mo ń dúró dè lọ́wọ́ rẹ."

Nígbà tí oògùn tán, a padà lọ bí wọ́n ṣe wí. Nọ́ọ̀sì wo etí. Ó ní pípọ́n rẹ̀ ti lọ. Omi díẹ̀ lè ṣẹ́ kù, òun fúnra rẹ̀ á gbẹ.

"Kí ló wá ń ké fún?" Ohùn Naimat ti fẹ́ di ẹkún. "Mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́."

"Ṣé ó ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án?"

Èmi ni mo dáhùn. "Lánàá, ó nà gbalaja lórí ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá fìlà mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí ògiri fi ń mì."

"Nígbà tí etí ń dùn ún, ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Naimat ronú. "Rárá o. Kò gbà kí orí rẹ̀ kan ilẹ̀ rárá."

"Àìsàn ti lọ nìyẹn, àṣà tó kọ́ nínú àìsàn ló kù. Ẹ padà sí bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ wẹ̀ fún un, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ pátápátá. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbé ọwọ́ lé e láyà. Ẹ má ṣáà gbé e pọ̀n. Tí ibà bá padà, tí etí bá ń ṣọyún, tàbí tó bá ń ké títí nígbà tó wà lẹ́yìn yín pàápàá, ẹ tètè máa bọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Umar rí ẹní, ó bú sẹ́kún. Wọ́n gbọ́ ọ ní Àtàn. Mo jáde sí ìta, ẹsẹ̀ mi kò gbà, mo tún wọlé.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?"

"Tọ́ọ̀ṣì mi ni."

"Òun lẹ mú dání yẹn."

Mo wo ọwọ́ mi, mo jáde. Naimat náà ń sunkún, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò láyà ọmọ. Ládàánì pe Ìṣáì, ó parí, wọ́n kírun tán, igbe ṣì ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, igbe náà kúrú. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó kan ráhùn lásán ni, ó sùn.

Ó wá di Sọ́ńdè tó ṣíwájú Mọ́ńdè ọ̀gá. Ẹ̀yin èèyàn mi, Umar tún bẹ̀rẹ̀! Ó ń ké, ó ń ti ìkúùkù bọ ẹnu. Ìyá Àìṣát sáré wá, ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ti mú ọ̀já.

"Ẹ gbé ọ̀já yẹn sílẹ̀ ná, Bàbá," ni Naimat wí. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lọ́rùn: ó tutù. Ó wo imú: ó gbẹ. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń wò bóyá á fa etí. Kò fà á, igbe kò sì le sí i. Ó wá ti ìka bọ ẹnu rẹ̀ lókè.

"Yéè! Ó gé mi jẹ!"

Eyín òkè ni.

"Ǹjẹ́ mi ò sọ?" Ìyá Àìṣát fò sókè. "Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ ọ́? Eyín òkè ni!"

Naimat rẹ aṣọ sómi tútù, ọmọ gé e jẹ, ó mu ọmú, ó lọ sórí ẹní. Ó kùn díẹ̀. Kí ládàánì tó yanu, ó ti sùn. Ohun tí mo sọ fún àwọn ará àdúgbò ni pé kí ládàánì tó jí láti ojú oorun ọ̀sán ló ti sùn.

Ní ìdájí Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ fun fèrè. Naimat jáde, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó rọra ka ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni tó fẹ́ mú gbogbo wọn lọ, kó sì mú gbogbo wọn bọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà láti sìn ín.

Awakọ̀ yọrí. "Bàbá, ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn lórí ẹní."

"Kí wá lẹ pọ̀n?"

Mo fọwọ́ kan àyà mi. Ọ̀já wà níbẹ̀, mo ti dì í gírígírí.