Ìlà Kún, Ọ̀nà Dí

Baba Ìlà-Kún ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí orúkọ náà. Òun ló ń tọ́jú àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lágbègbè ibùdókọ̀ ojú irin. Nílé, bàbá rẹ̀ nìkan ló ní orúkọ mìíràn fún un. Nítorí pé láti kékeré ni kò ti sí igi tó rí tí kò ní gùn, bàbá a máa pè é ní Ọ̀bọ mi. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ, irun ti ń funfun lórí rẹ̀, Ọ̀bọ mi náà ni.

Olùkọ́ ni bàbá nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, olóhùn gbẹ̀du ni. Tó bá ń kọ́ni ní kíláàsì, ará ìta ń gbọ́. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn òun ń dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, àmọ́ tí gbogbo ọmọ bá nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń ké “Èmi, sà! Èmi, sà!”, òun kò lè dá ju ẹyọ ẹnì kan lóhùn. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Ká ní ó jẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí ni, bóyá ìtàn yìí ì bá má wáyé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èrò ibùdókọ̀ ń ráhùn. Wọ́n ní ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń hàn lókè fóònù àwọn kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n dúró títí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọn yóò kàn mọ́ àjà ibùdókọ̀ yóò fi dé, kí àwọn ẹ̀rọ náà lè jọ pín èrò láàárín ara wọn. Baba Ìlà-Kún kò ní sùúrù. Ó mú kí agbára òpó ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ sókè, ó sì yí ojú rẹ̀ kó lè fọ́n káàkiri. Ọ̀gá kìlọ̀ fún un pé ohùn lásán ló fi kún un, kò fi àyè kún un. Ó rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìlà ti kún lójú fóònù gbogbo èrò, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, orí rẹ̀ sì wú. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sọ ọ́ ní Baba Ìlà-Kún.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀fun bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kókó burúkú ló wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n gé àpótí ohùn rẹ̀ kúrò. Bàbá yóò yè, àmọ́ kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà sí. Baba Ìlà-Kún ní tí òun bá ti ṣíwọ́ ní ọ̀sán tó ṣáájú rẹ̀, òun yóò lọ jókòó ti bàbá ní ọsibítù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí àwọn jọ sọ gbogbo ohun tí ó bá kù láti sọ. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà lọ́dọ̀ bàbá pé tí nǹkan kan bá yí padà, kó pe òun.

Ọkọ̀ ojú irin bàjẹ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la náà. Èrò tó yẹ kó ti lọ kò lọ, àwọn mìíràn tún ń dé bá wọn, débi pé kò sí ibi téèyàn lè gbé ẹsẹ̀ sí. Wọ́n rán Baba Ìlà-Kún lọ síbẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ní àwọn kò lè pe ilé. Ó yọ fóònù tirẹ̀ wò. Ìlà márààrún dúró gbọnyingbọnyin, kò sì sí ìpè kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní tí ẹ̀gbọ́n òun bá pè, yóò kúkú wọlé. Ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n fi fóònù tirẹ̀ hàn án, ó ní, “Bọ̀dá, ó kún báyìí, àmọ́ kò ṣí nǹkan kan.” Ó dá a lóhùn pé kó máa gbìyànjú.

Irú ìmọ̀ràn tí kò yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Ìlà tó ń hàn lójú fóònù, bí ohùn òpó ṣe ń dún tó létí fóònù ló ń sọ, kò sọ iye èèyàn tó ń jẹ nínú àwo kan náà. Àyè tí òpó kan ní kò pọ̀, ńṣe ló ń bu ú díẹ̀díẹ̀ fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Tí èrò bá pọ̀, ohun tó ń kan ẹnì kan kò ní tó gbé àwòrán. Tí wọ́n bá tún pọ̀ sí i, fóònù tó ń nawọ́ sókè kò ní rí ẹni dá a lóhùn, yóò tún nawọ́, gbogbo wọn yóò sì máa fi igbe bo igbe ara wọn mọ́lẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé ohùn tí Baba Ìlà-Kún gbé sókè ti fa àwọn fóònù tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ òpó kejì, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, wá sọ́dọ̀ tirẹ̀. Òpó kejì jókòó lásán, òpó tirẹ̀ ń mí gúlegúle.

Nígbà tí ó jókòó sínú yàrá ẹ̀rọ, tó ṣí kọ̀ǹpútà, tó rí bí òpó kan ṣe kún àkúnya tí èkejì sì ṣófo, òótọ́ tí ọ̀gá sọ yé e. Ó fa agbára òpó náà wálẹ̀ kíákíá. Ìlà márùn-ún ojú fóònù rẹ̀ di mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn fóònù kan ṣí lọ sọ́dọ̀ òpó kejì, ọ̀nà sì là.

Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọlé tẹ̀lé ara wọn. Èémí ń há bàbá, dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò lè dúró di àárọ̀ mọ́. Bàbá ní kó pe Ọ̀bọ òun wá sórí fóònù. Wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Èyí tó kẹ́yìn kò ju “Wọ́n ti wọlé” lọ.

Ó pè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé e kíákíá.

“Mo pè ọ́ títí,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Wọ́n ń sọ pé o kò sí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ìwọ kẹ̀!”

Ó béèrè bóyá bàbá fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù.

“Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ọmọ òun lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó ń dúró kí o gbé e.”

Baba Ìlà-Kún fi ìka àbámọ̀ bọnu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ náà, ó sunkún bí ọmọdé. Níta, ó ń gbọ́ bí àwọn èrò ṣe ń bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ń bọ̀.

Bàbá yè, a dúpẹ́. Ó ń fi ìwé kíkọ sọ̀rọ̀ báyìí, kò sì fi ìgbà kan bínú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn, ó kọ ọ́ pé òun kò rántí mọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ó fi bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí ni. Baba Ìlà-Kún kò bi í mọ́.

Wọ́n ti kan àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ àjà ibùdókọ̀. Nígbà mìíràn, ìlà kì í ju mẹ́ta lọ, àwọn èèyàn a ní ó ti ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn jẹ́, síbẹ̀ àwòrán wọn ń ṣí. Kì í bá wọn jiyàn. Ó ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má pe òun ní Baba Ìlà-Kún mọ́.

Ní ọ̀sán, bàbá a máa pè é lórí fóònù. Kò ní lè sọ nǹkan kan, yóò kàn fi èékánná gbá ẹ̀yìn fóònù náà, kó, kó, kó. Ibi yòówù kí ọmọ rẹ̀ wà, ìbáà jẹ́ lókè òpó, yóò gbé e.

“Bàbá, mo ń gbọ́,” ni yóò sọ. “Ọ̀bọ yín ni.”

Yóò sì máa tẹ́tí sí i títí bàbá yóò fi pa fóònù náà fúnra rẹ̀.