Nọ́ńbà Tó Bẹ̀rẹ̀ Lára Èèpo Ìwé

Bàbá wa kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó wù ú pé kí ìtàn ayé òun wà nínú ìwé kó tó di pé ọlọ́jọ́ dé. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló bá a ṣe é. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ọmọ náà máa ń wá sílé wa ní Mushin, tí Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, tí á máa sọ bí òun ṣe kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí òun ṣe kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, àti bí òun ṣe fẹ́ ìyàwó méjèèjì. Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó parí, ó fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wọ́sáàpù, ó ta kọ̀ǹpútà náà, ó sì wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà. Báyìí ni kò fi sí fáìlì mìíràn tí èèyàn lè tún nǹkan ṣe nínú rẹ̀. PDF nìkan ló kù, kò sì ní nọ́ńbà lójú ìwé kankan. Síbẹ̀ ó ti to orúkọ orí-orí ìtàn náà sí iwájú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ fi nọ́ńbà náà síbẹ̀ tó bá yá, ìrìn àjò kò sì jẹ́ kó ráyè.

Ẹni tó bá mọ ilé wa á mọ̀ pé kò yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà láìní nọ́ńbà. Ilé méjì ni wá. Ìyá Àgbà, ìyálé, bí mẹ́rin, ìyá tèmi bí mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ti kú, àmọ́ ìjà wọn kò bá wọn lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a tẹ ìwé náà jáde, ìwé náà já bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi lórí àtẹ̀gùn, ojú ewé fọ́n ká, a tò ó bó ṣe wù wá. Nígbà tí wọ́n ń kà á fún Bàbá, ìtàn ń fò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Sùúrùlérè, ó tún ń padà. Ẹ̀gbọ́n wa, àkọ́bí Ìyá Àgbà, sọ lójú gbogbo wa pé àwa ọmọ ìyàwó kejì la yọ ojú ewé tó dùn nípa ìyá òun.

Bàbá ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, "Ẹ lọ fi nọ́ńbà sí i. Ẹ sì kọ orúkọ ìwé náà sí orí gbogbo ojú ewé, kí ẹnikẹ́ni má lè fa ọ̀kan yọ, kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ lọ." Èmi ló ń bá wí. Ó mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú wa bá dá lọ, èkejì kò ní gbà pé ohun tó mú bọ̀ jẹ́ òótọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ sí Sábó. Ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ń tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò wo ojú wa.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kọ sókè?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti múra sílẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ báyìí: Ìtàn Bàbá Wa àti Ìyá Àgbà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ojú ewé ni ọ̀rọ̀ yẹn máa wà."

"Mo mọ̀."

"Títí dé orí ìtàn ìyá tèmi náà?"

"Ìyá rẹ bá ìyá mi nílé. Kò sí irọ́ níbẹ̀."

Mo sọ fún un pé bó bá kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sórí ìtàn ìyá mi, èmi fúnra mi á fa gbogbo rẹ̀ ya lójú Bàbá. Ó ní kí n dán an wò. Obìnrin náà yọ ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ parí ìjà yín níta. Ohun tí ẹ bá kọ síbí, á jáde lórí gbogbo ojú ewé tí mo bá ní kó jáde sí. Èèyàn wà lẹ́yìn yín."

A pe Bàbá lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rojọ́, èmi náà sì rò. Bàbá gbọ́ wa tán, ó ní, "Orúkọ ìwé ni mo ní kí ẹ kọ. Ṣé orúkọ ìyá ẹnìkan nínú yín ni ìwé náà ń jẹ́?" Ó sì pa fóònù. Orúkọ ìwé náà ni *Ọ̀nà Tí Mo Gbà*. Òun la ní kí obìnrin náà kọ.

Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ibi tó yẹ kí Ọ̀ wà, àpótí òfìfo kékeré kan ló jáde. Ó yí irú lẹ́tà tó lò padà, ó sì tọ́. Ó fi nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀, ó tẹ ẹ̀dà kan fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó nawọ́, ó sì fi fáìlì tuntun náà ránṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí i wò nínú àwa méjèèjì. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé orúkọ ìyá rẹ̀ kò sí lókè.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé péjọ sí pálọ̀. Àbúrò mi obìnrin mú ìwé náà, ó wo iwájú, ó rí i pé ìtàn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé 31. Ó ṣí ojú ìwé 31. Ìparí ìtàn Ìyá Àgbà ló bá níbẹ̀, àdúrà tí Bàbá ṣe fún un. Ìtàn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ ní 32.

Ó ní, "Wọ́n ti fi ojú ewé kan kún un. Wọ́n fi ti ìyá wọn ti ìyá wa sẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ta ló fi kún un?"

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin lẹ gbé e bọ̀ láti Sábó."

Ẹ̀gbọ́n mi pè é ní ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́. Àbúrò mi ní ilé tí wọ́n ti kọ́ òun náà ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ Ìyá Àgbà yòókù dá sí i, ọ̀rọ̀ tí a kò sọ lójú àwọn ìyá wa wá jáde lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ní ìyá wa ló kó ọjà Ìyá Àgbà jẹ. Mi ò ní sọ ohun tí èmi fi dá a lóhùn. Bàbá jókòó, ó di orí ọ̀pá rẹ̀ mú, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ àbúrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti iwájú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lára èèpo ìwé, lábẹ́ àwòrán Bàbá, nọ́ńbà 1 wà níbẹ̀. *Ọ̀nà Tí Mo Gbà* sì wà lórí fìlà rẹ̀ nínú àwòrán náà. Obìnrin yẹn ka èèpo mọ́ ojú ewé. Ọmọ àbúrò Bàbá tó to orí-orí ìtàn síwájú kò kà á mọ́ ọn, ewé tó tẹ̀ lé èèpo ló pè ní ìkíní. Torí náà, gbogbo nọ́ńbà inú ìwé fi ọ̀kan lé sí i.

Mo ṣàlàyé. Àbúrò mi gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Ìwọ lo wà níbẹ̀. O mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é kí wọ́n lè bú mi."

A tún padà sí Sábó lọ́jọ́ kejì. Lójú ọ̀nà, ó ní òun kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Òun ló fún obìnrin náà ní fáìlì, èyí tó wà nínú fóònù rẹ̀, tí nọ́ńbà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà fi nọ́ńbà tuntun lé e, láti ẹ̀yìn èèpo. Nígbà tó ṣí i, nọ́ńbà méjì ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú ewé, 31 àti 32 lórí ara wọn níbi ìtàn ìyá mi, bí ẹni méjì tó ń ṣépè fún ara wọn.

Mo ní, "Èyí tí kò ní nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ lò. Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Báwo la ṣe mọ̀ pé o kò tíì tún un ṣe?"

Obìnrin náà ló dá a lóhùn. "Ọ̀gá, ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Mo ní iṣẹ́ láti ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó fi tèmi wé èyí tí ọmọ àbúrò Bàbá fi ránṣẹ́ sóun náà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò rántí fún obìnrin náà, ewé lẹ́yìn ewé. Ó pẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà lẹ́yìn wa ń rojú. Kò rí ìyàtọ̀ kankan, kò sì sọ pé òun kò rí i. Ó kàn mi orí sí obìnrin náà.

Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ewé kejì dé ìparí, àti nọ́ńbà àti orúkọ ìwé, kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ sì jẹ́ 1. Ó ní òun mọ iṣẹ́ òun. Mo ní mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ ìwé bo ìlà àkọ́kọ́ ojú ewé lánàá, kó ṣàánú wa. Ó pòṣé, ó mú kí ọ̀rọ̀ inú ewé kéré díẹ̀ kí àyè lè wà lókè. A wo èèpo: kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju àwòrán Bàbá àti orúkọ ìwé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A wo ewé kejì: 1. A lọ sí 31. Orúkọ ìyá mi ló wà níbẹ̀.

Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n mi kà á fún òun lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ìwé 31 ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú ń dun òun. Bàbá ní òun á dúró títí ojú náà á fi san. Gbogbo wa jókòó. Ó kà á, pẹ̀lú ohùn tó gbẹ, láìdúró níbi tó yẹ kéèyàn dúró: bí ìyá mi ṣe ń gbé oúnjẹ fún Bàbá ní ibi iṣẹ́ ní Costain, àti bó ṣe tọ́jú Ìyá Àgbà nígbà tí ẹsẹ̀ wú u. Mi ò gbọ́ ti ẹsẹ̀ yẹn rí. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wo Bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi ka ìyókù, ó gbé ìwé sórí tábìlì, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń dáhùn bí mo bá kí i, ọ̀rọ̀ wa kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a tẹ ìwé náà fún gbogbo ẹbí, ó ní kí wọ́n fi tòun ránṣẹ́ sóun, kí n má gbé e wá fúnra mi.